Àárín Ló Jẹ, àbí Èjìká? Bí A Ṣe Ń Ka Ìtàn Afẹ́fẹ́ Lójú Táyà

Ẹ dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fókánáísà kan ní Kubwa tàbí ní Zuba, ẹ ó gbọ́ tó ń bi oníbàárà pé, "Mélòó ni kí n fún un?" Ọ̀pọ̀ á ní kó fún un bó ṣe yẹ. Bó ṣe yẹ lójú fókánáísà lè jẹ́ 40 PSI, nígbà tó jẹ́ pé 32 ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kọ sára férémù ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà. Kò ní sí ìyọnu lọ́jọ́ náà. Àmọ́ bí oṣù bá ti ń gorí oṣù, ojú táyà á máa jẹ ní ibi tí ẹrù ọkọ̀ ti wúwo sí i jù, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n wò á mọ irú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti ń fún un.

Oríṣi jíjẹ méjì ni mo fẹ́ kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa kà níbí: kí àárín ojú táyà jẹ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, àti kí èjìká méjèèjì, ìyẹn etí ojú táyà lápá òde àti lápá inú, jẹ kí àárín ṣẹ́kù. Mo máa fi ọkọ̀ Kọ̀rólà kan tó ń ná Àbújá sí Kánò ṣe àpẹẹrẹ, torí méjèèjì ló wà lára rẹ̀, ìkan níwájú, ìkan lẹ́yìn.

Ibi tí táyà ti kan ilẹ̀

Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti ń kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Gbogbo ìwúwo ọkọ̀ wà lórí irú àyè kékeré mẹ́rin bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ inú táyà ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ gbé ọwọ́ yín lé orí tábìlì. Ẹ ká ìka díẹ̀ kí àtẹ́lẹwọ́ yọ kòtò, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ ó rí i pé etí ọwọ́ ló kan tábìlì, àárín kò kàn án dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré ṣe máa ń ṣe. Àárín ojú rẹ̀ kò ní ohun tó ń tì í láti inú, ó á fẹ́ ká sókè, ẹrù á sì bọ́ sórí èjìká méjèèjì, níbi tí ògiri táyà ti ń tì í mọ́lẹ̀. Èjìká ni yóò máa ha ilẹ̀.

Tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, òdì kejì ni. Ojú táyà á yọ ikùn síta, àyè tó ń kan ilẹ̀ á kéré sí i, àárín á wá máa ru ìpín tó ju tirẹ̀ lọ. Èjìká á kàn máa fara kan ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni.

Àmọ́ àwọn méjèèjì kì í hàn bákan náà. Táyà òde òní ní àwọn wáyà irin tí wọ́n hun pọ̀ sábẹ́ ojú rẹ̀, iṣẹ́ wọn ni láti má jẹ́ kí ojú náà yọ ikùn. Nítorí èyí, àfikún afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí àárín tó fi hàn. Kò sí ohun tó ń ran àárín lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kéré, ìdí nìyẹn tí èjìká fi máa ń tètè sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá rí àárín tó jẹ gan-an, ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́ tàbí pé afẹ́fẹ́ náà pọ̀ jọjọ. Tí ẹ kò bá sì rí i, ẹ má tíì sọ pé ìwọ̀n afẹ́fẹ́ yín tọ́.

Wíwọ̀n, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan afẹ́fẹ́

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ ṣe é, kí oòrùn tó ta sí ọkọ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lórí ìdúró fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán. Tí ẹ bá ní láti wà á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní gééjì, kó má ju nǹkan bíi kìlómítà kan àbọ̀ lọ. Èmi ò gbà kí ènìyàn gbára lé gééjì ẹlòmíì fún iṣẹ́ yìí. Ẹ ra tiyín, kí ẹ jẹ́ kó wà nínú ọkọ̀. Àbùkù gééjì kan náà á kúkú máa jọra lójoojúmọ́, nígbà tí ti fókánáísà mẹ́ta lè fún yín ní nọ́ńbà mẹ́ta lórí táyà kan.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ẹ wá bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tútù sí, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gééjì wo táyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí láìfi kún un, láìyọ kúrò. Ìkánjú láti tún un ṣe ló máa ń ba ẹ̀rí jẹ́ jù.

Ó kan ọ̀rọ̀ jíjìn kòtò ojú táyà. Irinṣẹ́ kékeré kan wà fún un, ṣùgbọ́n ẹyọ ìgbálẹ̀ kan àti rúlà ọmọ iléèwé á ṣe é. Ẹ ti ẹyọ ìgbálẹ̀ náà wọ inú kòtò títí yóò fi kanlẹ̀, ẹ fi èékánná dì í mú níbi tó bá ojú táyà dọ́gba, kí ẹ wá gbé e sórí rúlà. Ẹ wọ̀n ọ́n nínú kòtò tó sún mọ́ èjìká òde, èyí tó wà láàárín, àti èyí tó sún mọ́ èjìká inú. Fún èyí tó wà ní inú, ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ sí apá kan kí táyà iwájú lè yọ síta. Ti ẹ̀yìn gba kí ènìyàn tẹríba díẹ̀. Ẹ tún un wọ̀n níbi méjì míì lára táyà kan náà, torí ibì kan lè ti jẹ níbi tí wọ́n ti tẹ búréèkì pa lójijì. Inú kòtò náà ni ẹ ó ti rí òkè kékeré kan tó dábùú rẹ̀; àmì TWI ara ògiri táyà ló ń tọ́ka sí ibi tó wà. Òkè yẹn ga ní mílímítà 1.6. Tí ojú táyà bá ti bá a dọ́gba níbikíbi, táyà náà ti parí, ì báà jẹ́ pé ibi yòókù ṣì dúró dáadáa.

Ọ̀pọ̀ táyà ọkọ̀ kékeré máa ń jìn tó mílímítà 8 nígbà tó bá ṣì tuntun. Ẹ yọ ohun tí ẹ wọ̀n kúrò nínú 8, ohun tó ti lọ nìyẹn. Ìgbálẹ̀ àti rúlà kò lè sọ ìyàtọ̀ tí kò tó mílímítà kan, ẹ má kọbi ara sí i. Ó tó mílímítà kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí n tó pè é ní ẹ̀rí.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù tí gééjì kò lè dáhùn: ta ló lo táyà yìí? Táyà tókúnbọ̀ tí ẹ rà ní Kugbo ti gbé ọkọ̀ ẹlòmíì káàkiri ìlú òyìnbó, jíjẹ ara rẹ̀ kò sì sọ ohunkóhun nípa yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà tí wọ́n ti gbé láti ẹ̀yìn bọ́ síwájú. Ẹni tí kò mọ ìgbà tí wọ́n gbé e kò lè kà á.

Kọ̀rólà Màmá Bọ̀sẹ̀

Aṣọ ni màmá yìí ń tà ní Wuse, Kánò ló sì ti máa ń kó o. Àbúrò rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀. Táyà mẹ́rin náà jẹ́ tuntun nígbà tí wọ́n rà wọ́n, ọjọ́ kan náà ni wọ́n dè wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì tíì pààrọ̀ ààyè wọn. Ẹjọ́ tó rọrùn láti gbọ́ nìyẹn, torí táyà kọ̀ọ̀kan ń sọ ti ààyè tirẹ̀ nìkan.

Èjìká méjèèjì ti táyà iwájú ku mílímítà 3, àárín ku 5. Bákan náà ni lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Èyí ni pé mílímítà 5 ti lọ lára èjìká nígbà tí 3 péré lọ lára àárín. Lẹ́yìn, àárín ku 4, èjìká ku 6, lára táyà méjèèjì. Ìyẹn ni pé ìlọ́po méjì ohun tó lọ lára èjìká ló lọ lára àárín.

Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni pé òsì àti ọ̀tún jọra. Tó bá jẹ́ pé táyà iwájú kan ṣoṣo ni èjìká rẹ̀ jẹ, ǹ bá máa wá ibi tó ń jò: ìṣó, fáàfù, tàbí rímù tó ti dípẹtà. Tó bá jẹ́ èjìká inú nìkan tàbí ti òde nìkan, ọ̀rọ̀ àláímẹ́ǹtì tàbí irin abẹ́ ọkọ̀ tó ti yẹ̀ ni, kò sí afẹ́fẹ́ tó lè tún un ṣe. Níbí, méjì-méjì ni wọ́n jẹ, ní ìdọ́gba, ẹni tó ń fún wọn ní afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Gééjì òwúrọ̀ jẹ́rìí sí i. 32 ni bébà ilẹ̀kùn kọ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iwájú jẹ́ 26 àti 27. Ẹ̀yìn jẹ́ 42 lápá méjèèjì.

Ti ẹ̀yìn rọrùn láti mọ̀. Àbúrò náà ní búútù ló ń gbé ẹrù, òun sì rí i lára táyà fúnra rẹ̀ pé wọ́n kọ MAX PRESS 44 PSI, nítorí náà 42 kò tíì dé òpin. Òótọ́ ni pé kò dé òpin. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ara táyà ń sọ ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá ni. Ẹni tó ṣe táyà kò mọ ọkọ̀ tí wọ́n máa fi sí. Bébà ilẹ̀kùn ló mọ ọkọ̀ náà. Yàtọ̀ sí èyí, ìgbà tí wọ́n bá ń bọ̀ láti Kánò nìkan ni ẹrù máa ń wà nínú búútù. Lọ́jọ́ tó kù, láti ilé sí Wuse, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn, ẹ̀yìn Kọ̀rólà sì fúyẹ́ fúnra rẹ̀ torí iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ lábẹ́ ẹrù kékeré: àárín ló ń jẹ ẹ́.

Ti iwájú ló gba ìwádìí, torí àbúrò náà búra pé òun kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí òun tó gééjì táyà. Mo sì gbà á gbọ́. Gééjì gan-an ló ń fà á.

Ẹni tó ń tú afẹ́fẹ́ gbígbóná sílẹ̀

Táyà máa ń gbóná bó ṣe ń yí, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì le sí i. Táyà tó jẹ́ 32 kó tó kúrò nílé lè fi 37 tàbí 38 hàn lẹ́yìn ìrìn gígùn nínú oòrùn oṣù kẹrin. Kò sí àléébù níbẹ̀. Àwọn tó kọ 32 mọ̀ pé yóò gòkè bẹ́ẹ̀, wọ́n ti rò ó mọ́ ọn.

Ohun tí àbúrò ń ṣe ni pé tó bá dé Kàdúná tàbí Zaria, táyà á gbóná lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rù á bà á kó má bẹ́, á ní kí fókánáísà dín ti iwájú kù sí 32. Ti ẹ̀yìn kò kàn án, torí ẹrù. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí táyà bá tutù, 32 gbígbóná yẹn á ti di nǹkan bíi 27. Ẹ wo ohun tí a rí láàárọ̀: 26 àti 27. Bí kò bá padà fi kún un títí di ìrìn míì, gbogbo wíwà tó bá ń wà á ní Àbújá, orí èjìká ló ń wà á. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré tún máa ń gbóná ju èyí tó tọ́ lọ, torí ògiri rẹ̀ ń ká, ó sì ń nà ní gbogbo yíyí. Nítorí náà nígbà tó bá padà dé Kàdúná, ó á tún bá a ní gbígbóná, á tún dín in kù. Bíbẹ́ tó ń sá fún gan-an ló ń pè.

Ojú ọjọ́ tiwa níhìn-ín náà ní ìpín tirẹ̀. Fún ìyàtọ̀ nǹkan bíi ìwọ̀n 5 tàbí 6 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ táyà máa ń lọ sókè tàbí sílẹ̀ ní 1 PSI. Ẹni tó fi afẹ́fẹ́ sí táyà lọ́sàn-án tí ooru jẹ́ 38, tí òwúrọ̀ ọyẹ́ sì wá bá a ní 16 ní Kánò, ti pàdánù bíi 4 láìsí ihò kankan. Táyà tó dáa náà sì máa ń jò díẹ̀díẹ̀ gba inú rọ́bà, bíi 1 lóṣù. Mo máa ń sọ fún àwọn ará wa tó wà ní Sabon Gari pé kí wọ́n tún táyà wò lọ́wọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, kódà bí wọ́n bá ṣe é dáadáa nígbà òjò.

Wo inú rẹ̀ kó o tó gbà á gbọ́

Èjìká méjèèjì tó jẹ lè ní ìdí míì. Ẹni tó máa ń sáré wọ kọ́nà máa ń jẹ èjìká táyà iwájú tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ tọ́. Ẹrù tó ju agbára lọ náà ń ṣe é, torí 32 tó tó fún ènìyàn mẹ́rin kò tó fún ènìyàn méje àti àpò ìrẹsì. Bí gééjì òwúrọ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú bébà ilẹ̀kùn, tí èjìká sì jẹ, ibẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ẹ̀rí tó dájú jù wà nínú táyà. Ẹ ní kí fókánáísà yọ ọ́ kúrò lára rímù. Táyà tí wọ́n ti wà lórí afẹ́fẹ́ kékeré fún ìgbà pípẹ́ lè ní ìyẹ̀fun rọ́bà dúdú nínú, tàbí kí inú ògiri rẹ̀ hun jọ ní ìlà yípo, tàbí kí ó rí bíi pé nǹkan ti ha á. Lóde, ẹ lè rí òrùka kan lára ògiri níbi tó ti ń ká. Tí ẹ bá rí ìyẹ̀fun tàbí ìhunjọ yẹn, okùn inú ògiri ti rẹ̀ ẹ́ tán. Ẹ má bi mí pé mílímítà mélòó ló ṣẹ́kù lójú rẹ̀. Irú táyà bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tún wọ ojú ọ̀nà Kàdúná mọ́, mi ò sì ní fẹ́ kí ẹ tà á fún ẹlòmíì.

Inú táyà iwájú Màmá Bọ̀sẹ̀ mọ́. Ìdínkù 5 tàbí 6 ti jẹ èjìká, kò tíì ba ògiri jẹ́. Ká ní 15 tàbí 18 ni wọ́n ń wà á sí ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Àtúnṣe, àti bí a ṣe mọ̀ pé ó bọ́ sí i

Láàárọ̀ yẹn, a fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí 32. Ní ti ọjọ́ tí ẹrù bá wà, àwọn ọkọ̀ kan ní nọ́ńbà kejì lórí bébà ilẹ̀kùn tàbí nínú ìwé ọkọ̀ fún ẹrù kíkún. Ẹ lo èyí tí wọ́n bá kọ, kí ẹ sì padà sí ti tẹ́lẹ̀ tí ẹrù bá ti sọ̀. Tí wọn kò bá kọ nọ́ńbà kejì, ẹ dúró sórí èyí tó wà, kí ẹ dín ẹrù kù. Tí táyà bá gbóná lójú ọ̀nà, ẹ má tú nǹkan kan sílẹ̀. Bí ó bá kéré gan-an lójú ọ̀nà, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ fi kún un ní gbígbóná, ẹ fi sí bíi 4 sókè ju nọ́ńbà bébà lọ, kí ẹ tún un ṣe dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Àbúrò bi mí pé ṣé kí a gbé ti ẹ̀yìn síwájú, kí àárín àti èjìká lè jẹ padà dọ́gba. Ọgbọ́n wà nínú ìbéèrè náà, àmọ́ mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Òjò ń bọ̀, táyà tí kòtò rẹ̀ jìn jù ni mo fẹ́ kó wà lẹ́yìn, torí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó bá yọ̀ lórí omi kò ṣeé fà padà bíi ti iwájú. Ti iwájú náà sì ku mílímítà 3 léjìká, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi rà míì.

Àtúnṣe afẹ́fẹ́ kò lè dá rọ́bà tó ti lọ padà. Èjìká iwájú á ṣì kéré ju àárín lọ lóṣù mẹ́ta sí i, ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan á rò pé kò sí ohun tó yí padà. Nítorí náà, ìyàtọ̀ láàárín wíwọ̀n méjì ni kí ẹ kà. A kọ nọ́ńbà ọjọ́ náà sínú fóònù àbúrò pẹ̀lú iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Tó bá ti rin bíi ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà sí i, kó tún un wọ̀n níbi kan náà. Bí èjìká àti àárín bá jọ dín kù ní ìwọ̀n kan náà láti ọjọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ ti bọ́ sí i. Bí èjìká iwájú bá tún sáré ju àárín lọ nígbà tí gééjì òwúrọ̀ ń fi 32 hàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a jẹ́ pé kí n bá a jókòó nínú ọkọ̀, kí n wo bó ṣe ń wọ kọ́nà.